Mẹ́mò Ọkọ̀ Ilé Iṣẹ́: Ta Ló Wa Ọkọ̀ Lọ́jọ́ Náà?

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ìwé kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti fọwọ́ sí rí láì kà á dé ìdí. Ìwé náà ni mẹ́mò tí ilé iṣẹ́ máa ń pín fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lórí bí wọn yóò ṣe máa lo ọkọ̀ iṣẹ́, bí wọn yóò ṣe máa jẹ́wọ́ bí wọ́n bá rú òfin ọ̀nà, àti àkọsílẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa ṣe nípa ìrìn ọkọ̀. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́, ọwọ́ wọn ni mẹ́mò náà ń bọ́ sí. Àwọn mìíràn jẹ́ oníṣòwò tí wọ́n ní bọ́ọ̀sì kan tàbí píkọ́ọ̀pù méjì tí wọ́n fi ń kó ọjà, tí wọ́n sì gba dírẹ́bà sí i. Àwọn wọ̀nyí gan-an ló yẹ kí wọ́n ní mẹ́mò tiwọn, ṣùgbọ́n ẹnu lásán ni púpọ̀ nínú wọn fi ń ṣe òfin. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ó ní ọkọ̀ tirẹ̀ náà kò yọ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń le. Ìwé kan dé sí ọ́fíìsì pé ọkọ̀ tí nọ́mbà rẹ̀ jẹ́ báyìí rú òfin ní ọjọ́ báyìí, ní agogo báyìí, kí olówó ọkọ̀ wá san owó ìtanràn. Ní Èkó lóde òní, ìjọba ìpínlẹ̀ ti fi kámẹ́rà sí àwọn ibì kan lójú títì tí ó ń ka nọ́mbà ọkọ̀, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ọkọ̀ sì ni wọ́n ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí. Kámẹ́rà yẹn mọ nọ́mbà ọkọ̀, kò mọ ẹni tó wà ní ìdí sítíárìn. Nígbà tí ìwé bá fi dé, ọjọ́ ti lọ lórí ọ̀rọ̀ náà, ènìyàn mẹ́ta sì ti wa ọkọ̀ ọ̀hún láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Máníjà pè wọ́n jọ. Lágbájá ní Tàmẹ̀dò ni, Tàmẹ̀dò ní òun ò sí nílùú lọ́jọ́ náà, ẹnì kẹta ní òun gbàgbé. Nígbẹ̀yìn, olówó ọkọ̀ ni yóò san án.

Gbogbo ohun tí mẹ́mò ọkọ̀ wà fún kò ju kí ìbéèrè yẹn ní ìdáhùn lọ: ta ló wa ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, ibo ló gbé e lọ, àṣẹ ta ni ó sì fi gbé e? Mẹ́mò tó gùn tó ojú ìwé mẹ́wàá tí kò lè dáhùn èyí kò wúlò. Èyí tó jẹ́ ojú ìwé méjì péré tí ó dáhùn rẹ̀ ti tó.

Ẹ jẹ́ ká mú ti àṣẹ ṣáájú. Mẹ́mò gbọ́dọ̀ dárúkọ àwọn tí ó lè wa ọkọ̀ náà, kí ó dárúkọ wọn ní tààrà, kí ó má kàn sọ pé “àwọn òṣìṣẹ́ wa”. Kí ẹnikẹ́ni tó wọ inú orúkọ wọ̀nyí, ọ́fíìsì gbọ́dọ̀ rí láísẹ́ńsì rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ó wo ọjọ́ tí yóò parí, kí ó wo irú ọkọ̀ tí láísẹ́ńsì náà gbà á láyè láti wà, kí ó sì ya ẹ̀dà rẹ̀ kan sínú fáìlì. A ti rí ibi tí wọ́n ti ya ẹ̀dà láísẹ́ńsì ní ọjọ́ tí wọ́n gba dírẹ́bà síṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò tún wò ó mọ́ títí ó fi parí. Nítorí náà kí ọ́fíìsì máa wò ó lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ tí wọ́n wò ó.

Ìdí tí a fi tẹnu mọ́ èyí ni ìnṣọ́ránsì. Bí ẹ bá ka ìwé ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ yín dáadáa, ẹ óò rí i pé ó sọ àwọn tí ó lè wa ọkọ̀ náà, ó sì sọ ohun tí a lè lò ó fún. Ọkọ̀ tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé ọjà ara wa la fi ń kó, tí dírẹ́bà wá fi ń gbé èrò gba owó ní ìrọ̀lẹ́, ti jáde kúrò nínú ohun tí ìwé náà sọ. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ lásìkò yẹn, ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ní ẹsẹ̀ tí yóò fi lé lẹ̀ láti kọ̀ láti sanwó. Ohun kan náà ni bí ó bá jẹ́ pé àbúrò dírẹ́bà tí kò ní láísẹ́ńsì ni ó ń wa ọkọ̀. Torí èyí ni mẹ́mò fi gbọ́dọ̀ sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé a kò gbọdọ̀ gbé èrò olówó, a kò gbọdọ̀ fi ọkọ̀ fún ẹlòmíràn wà, a kò sì gbọdọ̀ gbé e lọ sí òde ìnáwó láìgba ìwé. Kì í ṣe pé ọ̀gá ń ṣahun.

Ó kù síbi ìwé ìrìn ọkọ̀ tí àwọn dírẹ́bà ń pè ní lọ́ọ̀gì. Níbí la fẹ́ dúró sí pẹ́, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ mẹ́mò ti ń kùnà. Wọ́n á kọ ọ́ pé “kí dírẹ́bà máa kọ lọ́ọ̀gì”, wọn kò sì ní sọ bí yóò ṣe kọ ọ́ tàbí ìgbà tí yóò kọ ọ́.

Ìwé ìrìn ọkọ̀ tó dára kò nílò ju ìlà kan lọ fún ìrìn-àjò kan. Lórí ìlà yẹn ni ọjọ́ máa wà, àti orúkọ ẹni tó wa ọkọ̀, agogo tí ó jáde àti nọ́mbà tó wà lórí mítà tí ń ka kìlómítà nígbà tí ó jáde, ibi tí ó lọ àti iṣẹ́ tí ó lọ ṣe, agogo tí ó dé àti nọ́mbà mítà nígbà tí ó dé, lẹ́yìn náà ìbuwọ́lù rẹ̀. Bí ó bá ra epo, kí ó kọ iye lítà àti nọ́mbà mítà ní ilé epo, kí ó fi rìsíìtì mọ́ ọn. Inú ọkọ̀ ni ìwé náà gbọ́dọ̀ máa wà, kí bírò sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Kí a kọ apá ti ìjáde kí ọkọ̀ tó kúrò nínú ọgbà, kí a kọ apá ti àbọ̀ kí a tó yọ kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó bá ní òun á kọ ọ́ ní ọjọ́ Jímọ̀ fún gbogbo ọ̀sẹ̀, ìtàn ni yóò kọ.

Ìtàn bẹ́ẹ̀ kò sì ṣòro láti dá mọ̀. Mítà kì í dúró sórí nọ́mbà tí òdo parí rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ẹ bá rí 62,400, lẹ́yìn náà 62,450, lẹ́yìn náà 62,520, ọwọ́ ló ṣe é. Bí ìlà márààrún ti ọ̀sẹ̀ kan bá jẹ́ bírò kan náà, tí kíkọ rẹ̀ tẹ́jú bákan náà, a jẹ́ pé orí tábìlì kan náà ni wọ́n ti kọ gbogbo rẹ̀. Ohun tó sì ṣe pàtàkì jù ni pé nọ́mbà tí ọkọ̀ fi wọlé lánàá gbọ́dọ̀ bá nọ́mbà tí ó fi jáde lónìí mu rẹ́gí. Bí kìlómítà 48 bá wà láàárín méjèèjì, ọkọ̀ náà rin ìrìn kan lóru tí ẹnikẹ́ni kò kọ. Bí mítà bá bàjẹ́, kí dírẹ́bà kọ ọjọ́ àti nọ́mbà tí ó dúró sí lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí ọ́fíìsì sì tún un ṣe kíákíá, torí mítà tó bàjẹ́ fún oṣù mẹ́ta ti di ìsinmi fún ẹni tó bá fẹ́ jẹ epo.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan, kí ọ̀rọ̀ lè yé wa. Àwa la fúnra wa to àpẹẹrẹ yìí, kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Oníṣòwò kan ní Ìbàdàn ní píkọ́ọ̀pù tí ó fi ń gbé ọjà lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀nà Ọ̀yọ́ ló sì ń gbà. Ó ti wọn ìrìn náà lórí mítà tẹ́lẹ̀, láti ọgbà rẹ̀ dé ọjà àti àbọ̀, ó jẹ́ kìlómítà 214. Ní ọjọ́bọ̀, Tàmẹ̀dò gbé ọkọ̀ jáde ní agogo 7:10 àárọ̀, mítà wà ní 84,210. Ó wọlé ní agogo 6:40 ìrọ̀lẹ́, mítà wà ní 84,512. Ohun tí ó kọ síbi iṣẹ́ ni “ọjà Ògbómọ̀ṣọ́”, kò kọ nǹkan mìíràn. Lọ́jọ́ kejì, Lágbájá gbé ọkọ̀ kan náà jáde pẹ̀lú 84,512. Ó fi àmì síbi tí a kọ “ìwé ọkọ̀ pé”, ó sì lọ. Ní agogo 10 àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí gbogbo wa ń pè ní Róòdù Séfúti, dá a dúró nínú Ìbàdàn. Wọ́n bèèrè ìwé, ìwé ọkọ̀ kò sí níbẹ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Tí a bá yọ 84,210 kúrò nínú 84,512, ó ku 302. Ìrìn Ògbómọ̀ṣọ́ kò ju 214 lọ. Kìlómítà 88 ṣẹ́ kù tí kò ní orúkọ. Láti Ọ̀yọ́ sí Ìsẹ́yìn, ní àlọ àti àbọ̀, kò jìnnà sí iye yẹn. Nígbà tí olówó ọkọ̀ pe Tàmẹ̀dò, tí ó gbé ìwé sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kò pariwo, kò sì halẹ̀. Ó kàn bi í léèrè ibi tí 88 wà. Ọ̀rọ̀ jáde. Tàmẹ̀dò ti yà sí Ìsẹ́yìn láti ṣiṣẹ́ kan fún ara rẹ̀, ó gbé èrò sí ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, wọ́n mú un lójú ọ̀nà, wọ́n gba ìwé ọkọ̀ sílẹ̀ títí tí yóò fi san owó ìtanràn, ó sì fi tíkẹ́ẹ̀tì náà sápò. Ó rò pé tí òun bá gbowó oṣù òun á lọ gbà á padà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Ní ti ìdájọ́, èrò tiwa rèé. Ìtanràn ti Ìsẹ́yìn jẹ́ ti Tàmẹ̀dò, owó epo kìlómítà 88 náà sì jẹ́ tirẹ̀. Bí ọkọ̀ náà bá ń rin kìlómítà 10 lórí lítà kan, lítà 9 ló sún mọ́ ọn. Ìtanràn ti Ìbàdàn náà ọrùn rẹ̀ ló yẹ kó wà, torí pé ìpamọ́ tirẹ̀ ló bí i. Ṣùgbọ́n Lágbájá kò mọ́ pátápátá o. Ó fi àmì sí ohun tí kò là wò. Lẹ́tà ìkìlọ̀ tọ́ sí i. Bí kò bá gba lẹ́tà yẹn, láti ọjọ́ yẹn lọ, gbogbo àmì tó wà nínú ìwé náà kò ní í ní ìtumọ̀ mọ́.

Ẹ kíyè sí i pé ìwé kò sọ pé Ìsẹ́yìn ni. Iye tó ṣẹ́ kù nìkan ló sọ. Ọkọ̀ lè rìn jù bẹ́ẹ̀ torí pé wọ́n dí ọ̀nà, tí dírẹ́bà wá gba ọ̀nà mìíràn. Dírẹ́bà tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ á kọ ọ́ síbẹ̀ lọ́jọ́ náà: “wọ́n dí ọ̀nà, mo gba ibi báyìí”. Nítorí náà ká fi àyè sílẹ̀ nínú ìwé fún irú àlàyé bẹ́ẹ̀, ká má sì mú ẹnikẹ́ni lólè nítorí kìlómítà 10.

Epo náà ní ìṣirò tirẹ̀, kò sì le. Ẹ kún táńkì dé ẹnu, ẹ kọ nọ́mbà mítà. Nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ ra epo, ẹ tún kún un dé ẹnu, ẹ kọ mítà àti iye lítà tó wọlé. Bí ọkọ̀ bá ti rin kìlómítà 420, tí lítà 42 sì wọlé, kìlómítà 10 ló ń rìn lórí lítà kan. Tí ẹ bá ń ra epo náírà díẹ̀díẹ̀ láì kún táńkì, ìṣirò yìí kò lè jáde, torí ẹ kò mọ iye tó ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí 10 bá wá di 7, ẹ má sáré fẹ̀sùn kan dírẹ́bà. Ẹ wo bí ó ṣe dín kù. Tí ó bá ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ọkọ̀ ló ń ṣàìsàn: atẹ́gùn táyà lè ti lọ sílẹ̀, ẹ̀rọ tó ń sẹ́ atẹ́gùn fún ẹ́ńjìnnì lè ti dí, bíréékì lè máa di táyà mú, epo sì lè máa jò. Mẹ́káníìkì ló ni iṣẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n bí ó bá já wálẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, tí ó tún padà sí 10 ní ìgbà tó tẹ̀ lé e, rìsíìtì ni kí ẹ gbé wò. Bóyá lítà tó wà lórí rẹ̀ ju ohun tí táńkì lè gbà lọ. Kí ẹ sì ro ti ẹrù àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mọ́ ọn, torí ọkọ̀ tó lo wákàtí mẹ́ta lójú kan yóò mu epo láìrìn.

Ó wá kan ìjẹ́wọ́. Mẹ́mò gbọ́dọ̀ sọ pé kí dírẹ́bà fi tó ọ́fíìsì létí lọ́jọ́ náà gan-an bí wọ́n bá fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì, bí wọ́n bá gba ìwé tàbí láísẹ́ńsì rẹ̀, tàbí bí ọlọ́pàá bá mú un. Kí ó pe ọ́fíìsì lórí fóònù lẹ́yìn tí ó bá ti dúró, kì í ṣe lórí eré. Bí ó bá dé, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé: ibi, agogo, ohun tí wọ́n ní ó ṣe, àti ohun tí òun náà sọ pé ó ṣẹlẹ̀. Àyè gbọ́dọ̀ wà fún ọ̀rọ̀ tirẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo ìgbà tí wọ́n bá múni la máa ń jẹ̀bi. Kí ìyà ìpamọ́ sì wúwo ju ìyà ẹ̀ṣẹ̀ lọ. Bí ẹni tó jẹ́wọ́ àti ẹni tó pamọ́ bá ń jẹ ìyà kan náà, ta ló máa jẹ́wọ́?

Ta ni yóò san owó ìtanràn? Ohun tó ti ọwọ́ ìwakọ̀ wá, bí eré àsápajúdé, títẹ fóònù lórí ìrìn, àìde bẹ́líìtì àti gbígba ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀-kan, dírẹ́bà ni. Ohun tó ti ara ọkọ̀ tàbí ìwé rẹ̀ wá, bí táyà tó ti dán, iná ẹ̀yìn tí kò tàn, ìwé ọkọ̀ tó ti parí, olówó ọkọ̀ ni. Àfi bí dírẹ́bà bá ti fi àmì sí i láàárọ̀ pé táyà dára nígbà tí kò dára. Bí ó bá sì ti kọ ọ́ pé táyà ti dán, tí ọ̀gá ní kó máa lọ bẹ́ẹ̀, ọ̀gá ló jẹ̀bi, ìwé á sì jẹ́rìí.

Ti àpọ̀jù ẹrù ni a kò fi gbogbo ara fara mọ́ bí ọ̀pọ̀ mẹ́mò ṣe kọ ọ́. Wọ́n á ní dírẹ́bà ni yóò san. Ṣebí ọ̀gá tàbí ìyálọ́jà ló ní kí wọ́n kó àpò mẹ́wàá sí i? Ẹni tó pàṣẹ ẹrù ni kó san án. Kí mẹ́mò sì gba dírẹ́bà láyè láti kọ̀ bí ẹrù bá pọ̀ jù, láì jẹ́ pé iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni owó tí a ń fún ènìyàn lójú ọ̀nà kí wọ́n lè fi wá sílẹ̀. Kò ní rìsíìtì, ọ́fíìsì kò sì gbọdọ̀ dá a padà. Owó ìtanràn Róòdù Séfúti kì í ṣe owó tí a ń kà sí òṣìṣẹ́ wọn lọ́wọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì ló wà fún un, àkáǹtì ìjọba la sì ń san án sí. Ọ̀gá tó bá ń dá irú owó báyìí padà ti kọ́ dírẹ́bà rẹ̀ ní ọ̀nà kan láti máa gba owó tí ẹnikẹ́ni kò lè yẹ̀ wò.

Ohun kan wà tí àwọn òṣìṣẹ́ máa ń bínú sí. Mẹ́mò máa ń sọ pé kí wọ́n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n bá ṣẹ̀ nínú mọ́tò ara wọn pàápàá, ní ọjọ́ Sátidé. Wọ́n á ní kí ló kan ilé iṣẹ́? Ó kàn án, nítorí láísẹ́ńsì kan ṣoṣo ni ènìyàn ní. Róòdù Séfúti ní ètò kan tí ẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi ń ní iye àmì tirẹ̀. Bí àmì bá wà láàárín 10 sí 14, ìkìlọ̀ ni. Láti 15 sí 20, wọ́n lè dá láísẹ́ńsì dúró fún ìgbà kan. Bí ó bá di 21, wọ́n lè gbà á pátápátá. Dírẹ́bà tí wọ́n ti dá láísẹ́ńsì rẹ̀ dúró nítorí ohun tó ṣe nínú mọ́tò tirẹ̀, tí ó ṣì ń wa ọkọ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó ti dà bí ẹni tí kò ní láísẹ́ńsì. Ẹ rántí ohun tí a sọ nípa ìnṣọ́ránsì.

Ní Nàìjíríà, ilé iṣẹ́ tí ó bá ní ọkọ̀ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti bọ́ sábẹ́ ètò tí Róòdù Séfúti ṣe fún àwọn ọlọ́kọ̀ púpọ̀. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹnì kan pàtó tí àbójútó ààbò ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò tó márùn-ún kò ní irú ọ̀ranyàn yẹn, ṣùgbọ́n kí ó yan ẹnì kan tí yóò máa ka ìwé ìrìn ọkọ̀ ní ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀. Kí ẹni náà má jẹ́ dírẹ́bà. Kí ó wo mítà ọkọ̀ fúnra rẹ̀, kí ó fi wé ìlà tó kẹ́yìn nínú ìwé, kí ó buwọ́ lù ú lábẹ́ ìlà yẹn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó fún ọkọ̀ kan.

Bí ìwé kan bá kún, kí wọ́n kọ nọ́mbà ọkọ̀ àti ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó parí sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Èyí tí jàǹbá bá wà nínú rẹ̀, kí wọ́n má sọ ọ́ nù títí tí ẹjọ́ àti ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì rẹ̀ yóò fi parí. Àwọn tó bá fẹ́ rí bí a ṣe ń fa ìlà ìwé ìrìn ọkọ̀, kí wọ́n bèèrè lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ ní ọjọ́ ìpàdé; ìwé aláfàlà tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò ti tó láti fi ṣe é.